Ta Ló Yọ̀ǹda Fún Ọ? Ẹjọ́ Pátẹ́ǹtì Kan ní Ìlúpéjú

Ìbéèrè ìdánwò kan ni mo gbé wá lónìí, irú èyí tí àwọn olùkọ́ òfin fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ oníhúmọ̀. Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, èmi ni mo hun ún. Ìdí nìyí tí mo fi sọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní Lágbájá, Làkáṣègbè àti Lámọrín. Àmọ́ Ìlúpéjú tí mo fi wọ́n sí wà lóòótọ́, òfin tí a ó fi dá ẹjọ́ wọn wà lóòótọ́, àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí mo máa mẹ́nu bà náà sì wáyé lóòótọ́. Ẹ mú bírò sọ́wọ́, torí ọjọ́ pọ̀ nínú ìtàn náà, àwọn ọjọ́ náà ló sì máa dá púpọ̀ nínú ẹjọ́ náà.

Ìtàn náà rèé. Lágbájá jẹ́ ẹnjiníà. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2016, ó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ pátẹ́ǹtì sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, lórí ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá omi, omi tí gbogbo wa mọ̀ sí píọ̀ wọ́tà. Àwọn tó ń ṣe omi ọlọ́ràá mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Bí irin gbígbóná bá lẹ ìdí ọ̀rá tán, ojú àlẹ̀mọ́ náà á ṣì rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí omi bá já lé e kó tó tutù, ọ̀rá á máa jò láti ìdí. Lágbájá wá fi páìpù omi tútù sẹ́yìn irin náà, kí ojú àlẹ̀mọ́ lè tutù kíá. Ìwé pátẹ́ǹtì rẹ̀ sọ pé ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ní eyín irin méjì tó ń gbóná, àti páìpù omi tútù kan tó dúró lóòró gangan lẹ́yìn eyín irin náà. Ìjọba fún un ní pátẹ́ǹtì lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2017.

Ní ọdún 2018, Lágbájá yọ̀ǹda fún Làkáṣègbè pé kó máa ṣe ẹ̀rọ náà, kó sì máa tà á. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Ìwé náà ní Làkáṣègbè kò gbọdọ̀ tà á níta ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní kó máa san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún Lágbájá. Ó tún ní ọ̀dọ̀ Lágbájá nìkan ni Làkáṣègbè ti gbọdọ̀ máa ra ọ̀rá tó bá fẹ́ tà mọ́ ẹ̀rọ. Ìwé náà kò sọ̀rọ̀ nípa kí Làkáṣègbè yọ̀ǹda fún ẹlòmíràn. Wọ́n fi í sínú dúrọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó gbé e lọ fún ìforúkọsílẹ̀.

Lámọrín ní ṣọ́ọ̀bù àwọn alurinpọ̀ kan lẹ́bàá Coker Road ní Ìlúpéjú. Ní ọdún 2021, Làkáṣègbè fẹnu sọ fún un pé, "Máa ṣe é, máa fún mi ní nǹkan lórí rẹ̀, èmi ni mo ni àṣẹ." Lámọrín ṣe ẹ̀rọ mẹ́wàá, ó tà wọ́n fúnra rẹ̀. Páìpù inú tiẹ̀ kò dúró lóòró gangan: ó fì sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígírì méje, nítorí férémù tó ní nílẹ̀. Yàtọ̀ sí mẹ́wàá yìí, ó ra ògbólógbòó ẹ̀rọ méjì lọ́wọ́ oníṣẹ́ omi kan ní Mushin, èyí tí Làkáṣègbè fúnra rẹ̀ ti tà fún oníṣẹ́ omi náà ní ọdún 2019. Lámọrín pààrọ̀ irin tó ń gbóná nínú wọn, ó kùn wọ́n, ó tún wọn tà. Làkáṣègbè ní tiẹ̀ ta ẹ̀rọ mẹ́rin sí Ìbàdàn, kò sì ra ọ̀rá lọ́wọ́ Lágbájá mọ́.

Ní ọdún 2024, Lágbájá pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí. Ilé ẹjọ́ tó yẹ ló gbé e lọ, nítorí abala 251 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì sọ́wọ́ ilé ẹjọ́ yẹn nìkan. Ẹni tó bá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà ti pàdánù kó tó sọ̀rọ̀. Lámọrín wá mú ọ̀rọ̀ mìíràn jáde. Ó ní láti oṣù Kìíní ọdún 2016 lòun ti ya àwòrán ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun ti ra irin, òun sì ti jó férémù àkọ́kọ́ pọ̀ kí Lágbájá tó débẹ̀.

Ẹ dáhùn: kí ni ẹ̀tọ́ olúkúlùkù wọn?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á fò lọ sórí ìyọ̀ǹda lẹ́sẹ̀ kan náà, torí ibẹ̀ ni ariwo wà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí ni Òfin Pátẹ́ǹtì àti Àwòrán-ọnà ti ọdún 1970. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá gba pátẹ́ǹtì ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Abala 25 òfin náà sọ pé ìrúfin ni kí ẹnì kan ṣe ohun tí pátẹ́ǹtì fi dí i lọ́nà, láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìbéèrè méjì ló wà nínú gbólóhùn kan yìí. Àkọ́kọ́ ni bóyá ohun tó ṣe wà lára ohun tí pátẹ́ǹtì dí. Èkejì ni bóyá ó gba ìyọ̀ǹda. Bí ìdáhùn ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyọ̀ǹda kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ páìpù tó fì ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Abala 6 sọ pé kíléèmù ló ń ṣe ààlà pátẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn gbólóhùn tí oníhúmọ̀ fi sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Àlàyé àti àwòrán tó bá ìwé náà rìn wà láti fi túmọ̀ kíléèmù náà. Lágbájá kọ "lóòró gangan". Ti Lámọrín fì ní dígírì méje. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà bí ó ti wà lórí ìwé, Lámọrín ti bọ́. Àmọ́ adájọ́ tí a bá mú ẹjọ́ Catnic lọ bá lè má gbà bẹ́ẹ̀. Inú àkójọ ìdájọ́ ọdún 1982 ni ẹjọ́ yẹn wà ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó dá lórí irin tí àwọn kọ́lékọ́lé ń gbé lé orí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Kíléèmù sọ pé irin ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lóòró. Iléeṣẹ́ Hill àti Smith ṣe tiwọn kó fì ní dígírì mẹ́fà, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Fífì dígírì mẹ́fà yẹn kò dín agbára irin náà kù ju 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Olúwa Diplock ní kí a bi ara wa pé, ǹjẹ́ kọ́lékọ́lé tó mọṣẹ́ á ka ìwé náà kó sì rò pé oníhúmọ̀ fẹ́ kí gbogbo irin tó bá fì díẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ààlà òun? Wọ́n ní rárá, Hill àti Smith sì jẹ̀bi.

Ìdájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ wa lọ́wọ́, ó kàn lè pàrọwà sí i ni. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìdáhùn yín. Ohun tó máa gbà wá nínú ti Lámọrín ni iṣẹ́ tí páìpù náà ń ṣe. Ǹjẹ́ páìpù tó fì dígírì méje ń mú ojú àlẹ̀mọ́ tutù bíi ti èyí tó dúró? Bí ẹlẹ́rìí tó mọ ẹ̀rọ bá dúró níwájú adájọ́ tó ní ọ̀rá inú ẹ̀rọ méjèèjì ń tutù ní ìwọ̀n àkókò kan náà, tí jíjò wọn kò sì yàtọ̀, ààlà ti gbá Lámọrín mú. Àmọ́ bí àlàyé inú ìwé Lágbájá fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó gbọ́dọ̀ dúró lóòró kí atẹ́gùn má bàa há sínú omi, nígbà náà oníhúmọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ pààlà, kò sì lè fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ̀wé pé "dígírì méje kéré" láìsọ̀rọ̀ lórí títutù ojú àlẹ̀mọ́ kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká gbà pé páìpù méjèèjì ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ó di pé mẹ́wàá náà wà lára ohun tí pátẹ́ǹtì dí: ṣíṣe é, títà á, kíkó o pamọ́ fún títà.

Wàyí o, Lámọrín nawọ́ sí ìyọ̀ǹda. Ó ní, "Làkáṣègbè ló fún mi láṣẹ." Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi í ni pé, Làkáṣègbè ní àṣẹ láti ṣe, ǹjẹ́ ó ní àṣẹ láti fúnni ní àṣẹ? Nǹkan méjì tó yàtọ̀ nìyẹn. Ẹni tí a yá ní ọkọ̀ kò lè torí ìyẹn fi ọkọ̀ náà yá ẹlòmíràn, àfi tí ọlọ́kọ̀ bá sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ọdún 2018 dákẹ́ lórí rẹ̀, dídákẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, abala 23 sọ pé ìwé tí a kọ sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ méjèèjì buwọ́ lù, ni a fi ń fúnni ní ìyọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni Làkáṣègbè sọ fún Lámọrín. Ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Pé Lámọrín san owó fún un kò yí ohunkóhun padà ní ọ̀dọ̀ Lágbájá. Ó lè pe Làkáṣègbè kó gba owó rẹ̀ padà, ẹjọ́ mìíràn sì nìyẹn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ jókòó dáadáa ni ọ̀rọ̀ ìwé tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí pé ìdarú-dàpọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò Lámọrín lè dìde kó sọ pé, "Olúwa mi, ìwé tó wà láàárín Lágbájá àti Làkáṣègbè kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, nítorí náà òfo ni." Ó dún bí ohun tó lágbára. Kí ni òfin sọ? Ó sọ pé ìyọ̀ǹda tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò múlẹ̀ lórí ẹni kẹta. Kò sọ pé òfo ni láàárín àwọn tó kọ ọ́. Ẹni tí òfin ń dáàbò bò ni ẹni kẹta tó wo ìwé ìjọba, tí kò rí nǹkan, tó sì ná owó rẹ̀ lórí ohun tó rí. Lámọrín kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló ń di ìwé náà mú bí àṣẹ tirẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ kan dì í mú kó fi ọwọ́ kejì fà á ya. Bí ó bá sì já a, kí ló jèrè? Pátẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ Lágbájá síbẹ̀, ìyọ̀ǹda Lámọrín sì ti tú dànù pátápátá.

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùjẹ́jọ́ ti ń gbìyànjú irú ọgbọ́n yìí, ẹjọ́ kan tó sì sún mọ́ Ìlúpéjú wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ní Industrial Avenue lágbègbè yẹn ló mọ ojúlé kìíní, olú iléeṣẹ́ GlaxoSmithKline Consumer, títí tí wọ́n fi kéde ní ọdún 2023 pé àwọn ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Beecham ni orúkọ tí iléeṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1972. Ẹgbẹ́ Beecham ti Gẹ̀ẹ́sì pe Essdee Food Products lẹ́jọ́ lórí Lucozade, torí pé Essdee ń ta ohun mímu tó sọ ní Glucos-Aid. Àmì-ọjà ni ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe pátẹ́ǹtì. Nínú àwíjàre tí wọ́n gbé dìde, wọ́n ní àdéhùn tó wà láàárín Beecham àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un níbí kò sí nínú ìwé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ láti òkè òkun, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1979 ti pa á láṣẹ. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ní ọdún 1985, kò gbà pé ìyẹn sọ àdéhùn di òfo. Ìyà tí òfin ọdún 1979 yàn ni pé a kò ní lè san owó lórí àdéhùn náà jáde lọ sí òkè òkun. A kò lè fi ìyà mìíràn tí òfin kò dárúkọ kún un.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹjọ́ yìí o. Òfin ọdún 1979, èyí tí a mọ̀ sí òfin NOTAP lónìí, kan àdéhùn tí àjèjì wà nínú rẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ló sì fúnni láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lágbájá àti Làkáṣègbè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, kò kàn wọ́n. Ohun tí ẹ ó mú lọ síbẹ̀ ni ọ̀nà ìrònú ilé ẹjọ́ náà: ẹ wo ìyà tí òfin kọ sílẹ̀ fún àìforúkọsílẹ̀, kí ẹ dúró síbẹ̀. Mo ti rí ìwé ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ òfin NOTAP kún ojú ewé méjì fún ẹjọ́ tí kò sí àlejò kankan nínú rẹ̀. Kò sí máàkì fún un.

Nípa Làkáṣègbè fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn. Ìwé àìforúkọsílẹ̀ náà de òun àti Lágbájá, a sì ní láti kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Abala 23 sọ pé gbólóhùn tó bá ka ẹni tí a yọ̀ǹda fún lọ́wọ́ kò, tí ìkálọ́wọ́kò náà kò sì ti inú ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì wá, òfo ni. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ààlà agbègbè, iye, àti àkókò sílẹ̀: ìwọ̀nyí kì í ṣe ìkálọ́wọ́kò tí kò tọ́. "Má ṣe tà níta Èkó" jẹ́ ààlà agbègbè. Ẹ̀rọ mẹ́rin tó kọjá sí Ìbàdàn kò sí lábẹ́ ìyọ̀ǹda kankan, ó rú òfin. Ti ọ̀rá yàtọ̀. Pátẹ́ǹtì wà lórí ẹ̀rọ, kò sí lórí ọ̀rá. Bí ẹnì kan bá ń fi ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ ta ọ̀rá rẹ̀ fún ọ ní túláàsì, ẹ̀tọ́ yẹn ti kúrò níbi tí òfin fi í sí. Gbólóhùn yẹn ṣófo, kò sì sí ohun tí Làkáṣègbè jẹ̀bi lórí rẹ̀. Ìyókù ìwé náà dúró, títí kan ìdá márùn-ún tó ń san.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Lámọrín, sórí ohun tí mo rò pé ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Abala 6 ní gbólóhùn kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dópin. Ó sọ pé, bí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe ní Nàìjíríà lọ́jọ́ tí oníhúmọ̀ fi ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, tó sì ti ń ṣe ohun náà pẹ̀lú ọkàn mímọ́, tàbí tó ti ń múra gidi láti ṣe é, ó lè máa bá a lọ láìka pátẹ́ǹtì sí. Ọjọ́ ìfisílẹ̀ ni òfin tọ́ka sí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fúnni ní pátẹ́ǹtì. Ọjọ́ tiwa ni 4 oṣù Kẹta 2016. Àwòrán, irin, férémù àkọ́kọ́ ní oṣù Kìíní ọdún kan náà: ó ṣáájú. Ṣé ìmúra gidi ni? Èmi á ní férémù tí wọ́n ti jó pọ̀ wúwo ju àwòrán lọ. Àwòrán nìkan, ẹnikẹ́ni lè yà á sínú ìwé. Ẹ ó béèrè ìwé owó irin tó ní ọjọ́ lórí, ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ tó jó o, ẹ ó wo bóyá férémù náà ní àyè fún páìpù tútù tàbí ó jẹ́ férémù ẹ̀rọ àlẹ̀mọ́ lásán tí gbogbo àwọn alurinpọ̀ Ìlúpéjú ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi páìpù ni gbogbo rẹ̀ so mọ́, torí páìpù ni ohun tuntun tó wà nínú kíléèmù Lágbájá. Férémù tí kò ní àyè fún un kì í ṣe ìmúra láti ṣe ohun tí pátẹ́ǹtì dí.

Ọkàn mímọ́ náà wà níbẹ̀. Ká ní ọmọṣẹ́ kan kúrò lọ́dọ̀ Lágbájá ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, tó sì wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Lámọrín. Ìbéèrè ìdánwò yìí kò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹ sọ pé ẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọ̀nà tí èrò náà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi ọkàn mímọ́ hàn.

Èyí tó tún kún un ni pé Lámọrín kò ṣe ẹ̀rọ kankan láàárín ọdún 2016 àti 2021. Férémù náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù ó ń dípẹtà. Lágbájá á sọ pé ẹni tó ń múra gidi kì í dúró ọdún márùn-ún. Òfin wo ipò tó wà lọ́jọ́ ìfisílẹ̀, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí lórí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àti pé ní ọdún 2021, nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó lọ sanwó ìyọ̀ǹda fún Làkáṣègbè. Ẹni tó mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti ọdún 2016, kí ló ń sanwó àṣẹ fún? Sísan owó yẹn kò pa ẹ̀tọ́ náà run bó bá wà, àmọ́ agbẹjọ́rò Lágbájá kò ní jẹ́ kí adájọ́ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ náà, bó bá jẹ́ tirẹ̀, so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ta ṣọ́ọ̀bù náà lódindi, ẹni tó rà á lè máa bá a lọ. Kò lè yọ ẹ̀tọ́ náà sọ́tọ̀ kó tà á fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Ọjọ́ta.

Ìtàn oṣù Kìíní yìí kan náà tún lè di àwíjàre mìíràn, ibẹ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé ti ń yàtọ̀. Pátẹ́ǹtì wa kì í la àyẹ̀wò kọjá bíi ti ilẹ̀ mìíràn. Abala 4 sọ pé aláṣẹ ìforúkọsílẹ̀ kàn ń wo bóyá ìwé pé ni, ewu ẹni tó gbà á ni bóyá ó múlẹ̀. Nítorí náà, olùjẹ́jọ́ lè dojú ẹjọ́ kọ pátẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ lábẹ́ abala 9, kó ní kì í ṣe ohun tuntun. Òfin ka ohun gbogbo tó ti hàn sí aráyé níbikíbi, lọ́nàkọnà, ṣáájú ọjọ́ ìfisílẹ̀ sí ohun àtijọ́. Bí Lámọrín bá gbé ẹ̀rọ náà síta ṣọ́ọ̀bù ní oṣù Kìíní, tó ń fi páìpù rẹ̀ han àwọn oníbàárà, ohun tó wà nínú kíléèmù ti di ti gbogbo ayé kí Lágbájá tó dé Àbújá. Pátẹ́ǹtì náà á ṣubú fún gbogbo èèyàn, Làkáṣègbè á sì dẹ́kun sísan ìdá márùn-ún. Àmọ́ bí férémù náà bá wà lábẹ́ tapólì nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò sẹ́ni tó rí i ju ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ, pátẹ́ǹtì náà dúró, ẹ̀tọ́ aláṣèṣáájú nìkan ló kù fún Lámọrín. Òkìkí ló ń gbè é nínú àwíjàre kan, nínú èkejì kò pọn dandan. Ẹ béèrè ta ló rí ẹ̀rọ náà ní oṣù Kìíní, kí ẹ tó yan èyí tí ẹ ó gbé síwájú. Agbẹjọ́rò tó gbọ́n á gbé méjèèjì síwájú bí èyí tàbí èyíinì, láìjẹ́ kí ẹ̀rí ọ̀kan ba ti èkejì jẹ́.

Ó ku ògbólógbòó ẹ̀rọ méjì tó ti Mushin wá. Abala 6 tún sọ pé ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì kò tẹ̀ lé ọjà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tà á ní Nàìjíríà lọ́nà tó bófin mu. Làkáṣègbè tà wọ́n ní ọdún 2019, nínú Èkó, lábẹ́ ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó parí. Títún un tà kò jẹ́ ìrúfin. Àmọ́ ó pààrọ̀ irin tó ń gbóná, irin yẹn sì wà nínú kíléèmù. Ṣé àtúnṣe ni, àbí ṣíṣe ẹ̀rọ tuntun? Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ irú rẹ̀ ní ọdún 2013 láàárín Schütz àti Werit, lórí àwọn àgbá ńlá tí a fi ike ṣe, tó wà nínú àgò irin. Ike tuntun tí Werit ṣe ni wọ́n ń fi sínú àgò irin àtijọ́. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ṣíṣe ohun tuntun, torí ike náà máa ń tètè gbó ju àgò rẹ̀ lọ, kò sì sí nínú ohun tó jẹ́ ọgbọ́n oníhúmọ̀ náà. Irin tó ń gbóná nínú ẹ̀rọ omi ọlọ́ràá máa ń jóná, gbogbo oníṣẹ́ omi ló mọ̀ pé a máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n Lágbájá wà nínú páìpù tútù, tí Lámọrín kò fọwọ́ kàn. Lórí méjì yìí, Lámọrín bọ́ pátápátá. Ká ní páìpù náà ló gé kúrò, tó sì fi tuntun jó o mọ́ férémù, mi ò ní fi ẹnu tó dán bẹ́ẹ̀ sọ ọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí Lámọrín kò kàn lọ sí ilé ẹjọ́ láti gba ìyọ̀ǹda ní túláàsì? Òfin fàyè gba irú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ ìfisílẹ̀ tàbí ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n fúnni, èyíkéyìí tó bá pẹ́ jù. Tiwa ti pé láti 12 oṣù Kẹfà ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé Lágbájá kò lo pátẹ́ǹtì náà ní Nàìjíríà, tàbí pé kò tó fún ọjà, tàbí pé ó kọ̀ láti yọ̀ǹda lórí ohun tó bọ́gbọ́n mu tí ìyẹn sì ń pa iṣẹ́ lára. Ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti bẹ̀ Lágbájá, kò sì gbà. Lámọrín kò bẹ̀ ẹ́ rí, Làkáṣègbè ló lọ bá. Lẹ́yìn náà, irú àṣẹ yẹn ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá fúnni lọ síwájú. Kò lè padà sẹ́yìn wẹ ẹ̀rọ mẹ́wàá tó ti tà láti ọdún 2021 mọ́.

Bí ẹ̀rí oṣù Kìíní bá kùnà, nígbà náà, mẹ́wàá ni Lágbájá máa gba owó lé lórí lọ́wọ́ Lámọrín, mẹ́rin lọ́wọ́ Làkáṣègbè, pẹ̀lú àṣẹ tó máa dá wọn dúró. Ó lè yàn láti gba àdánù rẹ̀ tàbí èrè tí wọ́n jẹ, kò lè gba méjèèjì lórí ẹ̀rọ kan náà. Owó tí Làkáṣègbè gbà lọ́wọ́ Lámọrín náà wà níbẹ̀ láti ṣírò. Abala 25 kò mọ sórí ẹni tó ṣe nǹkan náà, ó tún mú ẹni tó mú kí a ṣe é. Làkáṣègbè ló ní kó máa ṣe é, nítorí náà, lórí mẹ́wàá tó ti ṣọ́ọ̀bù Coker Road jáde, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Lámọrín.